Ẹ Má Tíì Tẹ̀ka O! Bí Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé Ṣe Tú Ìwé Kọ̀ǹgílá Fún Àwọn Àgbà Ilé

Ìtàn ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ìtàn àròsọ ni o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní ó jọ ti agbo ilé yín, ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ni, tí kọ̀ǹgílá ní òun fẹ́ wó, kí òun fi owó ara òun kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kí òun gba owó ilé fún ọdún mélòó kan, kí òun tó dá a padà fún ẹbí. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò burú. Inú ìwé ni ọ̀bẹ máa ń wà.

Ní agbo ilé kan ní Ìbàdàn, ilé alámọ̀ kan wà létí títì tí bàbá ńlá wọn fi sílẹ̀. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ògiri ẹ̀yìn ti ń yẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó méjì ló kù tí ń gbé inú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Àgbà, ẹni tí ó ta gàrí títí ẹsẹ̀ fi kọ ọjà fún un. Ìdí igi mẹ́ta ni ẹbí náà. Bàbá Mọ́gàjí, ẹni ọdún 78, ni olórí wọn. Ìdí igi kejì ni ti Bàbá Kékeré, ìdí igi kẹta sì wà ní Èkó, wọn kì í sáábà wálé àfi bí ìnáwó bá dé.

Kọ̀ǹgílá dé. Ó gún gúnwà, ó dọ̀bálẹ̀ kí Mọ́gàjí, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ohun tí ó fi ẹnu sọ kò ju báyìí lọ: òun yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù 12, òun yóò fún ẹbí ní 2,000,000 náírà lójú ẹsẹ̀, òun yóò gba owó ṣọ́ọ̀bù fún ọdún 15, lẹ́yìn náà ilé di ti ẹbí. Gbogbo wọn pa àtẹ́wọ́. Ó wá mú ìwé wá, ojú ewé mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ lédè òyìnbó. Ó ní Sunday tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin, òun àti lọ́yà òun ń bọ̀ wá gba ìtẹ̀ka.

Lọ́jọ́ Sunday náà, ní aago kan ọ̀sán, wọ́n ránṣẹ́ pe Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà ni, ọmọ ọdún 23, akọ̀wé tí ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn yí ká.

“Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,” ni Bàbá Kékeré wí, “kàn bá wa sọ ìwé yìí sí Yorùbá, kí àwọn àgbà lè mọ̀ pé a ti kà á. Má jẹ́ kó pẹ́ o, aago mẹ́rin ni àlejò ń bọ̀.”

Àbẹ̀kẹ́ gba ìwé. Kò kà á sókè. Ó lọ jókòó sí ìdí ògiri, ó fi pẹ́ńsù sọ́wọ́, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Ìgbà tí ó padà dé àárín wọn, ó ní:

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, kí n tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ rò pé ó wà nínú rẹ̀.”

Mọ́gàjí sọ ọ́ bí kọ̀ǹgílá ti sọ ọ́. Ọdún 15, ó parí.

“Bàbá, ọdún 15 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ọpọ́n ayò wà nílé?”

Wọ́n gbé ọpọ́n ayò wá. Àbẹ̀kẹ́ ka ọmọ ayò 15 sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, “Ọmọ ayò kan, ọdún kan. Ẹ̀yin ń rò pé bí ẹ bá ti tẹ̀ka lónìí, a ó sọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú ìwé kẹta kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọdún 15 yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé bá parí. Ó tún ní kọ̀ǹgílá fúnra rẹ̀ ni yóò kọ lẹ́tà pé ilé ti parí. Mo wá gbogbo ojú ewé mẹ́sàn-án bóyá mo lè rí ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Kò sí.”

“Ṣé kò ní parí ilé tirẹ̀ ni?” ni Bàbá Kékeré bi í. “Owó rẹ̀ ló ń ná.”

“Bàbá, ká ní ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù 11, ó háyà wọn jáde, owó ń wọlé fún un. Ó wá fi èkejìlá sílẹ̀ láìkan páànù. Nínú ìwé yìí, ilé kò tíì parí. Bí ó bá tó ọdún mẹ́wàá tí ó fi ń gba owó ṣọ́ọ̀bù 11, gbogbo ọmọ ayò 15 yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì sọ ọ̀kan sílẹ̀.”

Ó ká ọwọ́ mọ́ ọmọ ayò. Ilé dákẹ́.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Bí èèyàn bá gba gàrí àwìn lọ́wọ́ mi, tí ó ní òun yóò san án lọ́jọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn tí òun bá ta á tán, mo máa ń bi í pé ọjọ́ wo lo máa tà á tán? Ẹni tí kò bá dá mi lóhùn, n kì í wọn gàrí fún un. Ẹ bá mi bi kọ̀ǹgílá yẹn.”

“Ìbéèrè náà gan-an nìyẹn, Ìyá,” ni Àbẹ̀kẹ́ wí. “Ó yẹ kí a ka ọdún láti ọjọ́ tí a bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí ó bá fi ọdún mẹ́ta kọ́lé, kí ọdún mẹ́ta kúrò nínú tirẹ̀. Nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa sáré parí rẹ̀.”

Ó ṣí ojú ìwé karùn-ún. Níbẹ̀, ìwé sọ pé bí ọdún 15 bá pé, bí ó bá wu kọ̀ǹgílá, yóò tún gba ọdún 15 mìíràn. Bí ó bá wu òun nìkan ni o, ẹbí kò lẹ́nu níbẹ̀. Owó tí yóò sì máa san fún ẹbí nínú ọdún 15 kejì yìí, 50,000 náírà ni lọ́dọọdún, kò lè lé, kò lè dín.

Àbẹ̀kẹ́ ní kí Bàbá Mọ́gàjí sọ iye tí wọ́n ń háyà ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wọn. Bàbá ní tó 250,000 náírà lọ́dún.

“Ṣọ́ọ̀bù 12 ní 250,000, ó jẹ́ 3,000,000 lọ́dún. Kọ̀ǹgílá ní 24,000,000 ni ilé náà yóò ná òun, pẹ̀lú 2,000,000 yín, ó di 26,000,000. Kí ọdún mẹ́sàn-án tó pé, owó rẹ̀ ti padà sọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà tó kù nínú 15 ni èrè tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá a jà sí i, nítorí ó ṣiṣẹ́ fún un. Ọdún 15 kejì ni kí ẹ wò. Bí owó ṣọ́ọ̀bù kò bá tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ lé, 45,000,000 ni yóò gbà. Èyí tí yóò fún gbogbo ẹbí pátá nínú rẹ̀ jẹ́ 750,000. Owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta fún ọdún kan nìyẹn.”

Bàbá Mọ́gàjí mi orí. “Èmi rò pé bí ìdógò ni. Bàbá mi fi oko kòkó dógò rí. Ọdún kẹtàdínlógún la tó rí owó, a gbé e lọ, wọ́n sì dá oko wa padà. Kò sí ẹni tó bá wa jiyàn.”

“Bàbá, ìdógò yàtọ̀. Nínú ìdógò tí ìbílẹ̀ wa mọ̀, ọjọ́ tí a bá gbé owó wá ni oko padà, ì báà tó ogójì ọdún. Ìwé yìí kì í ṣe ìdógò. Ẹ lè rí 26,000,000 lọ́la, kí ẹ gbé e lọ bá kọ̀ǹgílá, ó lè kọ̀ ọ́. Ọdún ni a tà fún un, kì í ṣe owó ni a yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún náà kò sì tíì ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin tí ó wà lọ́wọ́ tiwa.”

“Ó ṣe tán, ọmọ yìí, o fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ ni?” Bàbá Kékeré ti ń gbóná. “Gbogbo ohun tí o ń wí yìí, kọ̀ǹgílá ti fi ẹnu sọ fún wa pé ọdún 15 ni!”

“Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ohun tí a bá fẹnu sọ tí a kò kọ, tí ìwé tí a tọwọ́ bọ̀ sì sọ òmíràn, tó bá dé kóòtù, ìwé ni adájọ́ sábà máa ń tẹ̀lé. Mo ń tẹ̀wé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.”

Ojú ìwé keje ni ó wá dẹ́rù ba òun pàápàá. Níbẹ̀ ni ẹbí ti fún kọ̀ǹgílá ní ìwé aṣojú, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní páwà ọ́f atọ́nì. Pé kí kọ̀ǹgílá máa ṣe ohun gbogbo lórí ilẹ̀ náà ní orúkọ ẹbí: kí ó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí ó háyà ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì lè fi ilẹ̀ náà yá owó ní bẹ́ńkì. Ó tún ní ẹbí kò lè gba agbára náà padà.

“Ìwé aṣojú lásán, ẹni tó fún ni lè gbà á padà,” ni Àbẹ̀kẹ́ ṣàlàyé. “Bí ẹni náà bá kú, ó tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá san owó lé e lórí, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣeé gbà padà, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Kò ṣeé gbà padà àfi bí ẹni tí a fún bá gbà. Ikú pàápàá kì í fòpin sí i. Bàbá, kí ẹ̀mí yín gùn o, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sí mọ́, ìka yín tí ẹ tẹ̀ lónìí yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ǹgílá bá gba owó bẹ́ńkì sórí ilẹ̀ yìí tí kò san án, bẹ́ńkì kò ní wá ilé kọ̀ǹgílá. Ilẹ̀ yìí ni wọn yóò wá.”

Ìyá kejì tí ń gbé inú ilé náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, bú sẹ́kún. Ó ní, “Níbo ni n ó wá sùn?”

Àbẹ̀kẹ́ kò tíì ka ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni pé a ti ka ìwé yìí fún àwọn àgbà ẹbí, a ti túmọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó sì yé wọn yékéyéké kí wọ́n tó tẹ̀ka. Lábẹ́ rẹ̀ ni àyè orúkọ ògbufọ̀ wà. Orúkọ Àbẹ̀kẹ́ àti ti bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó pè é wá túmọ̀, ìwé ti ní ó túmọ̀ tán.

“Ta ló fún wọn lórúkọ mi?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré.

Bàbá Kékeré ṣubú sórí àga. Ó ní òun ni. Ó ní kọ̀ǹgílá ti fún òun ní 300,000 náírà láti oṣù kejì, òun sì ti fi san owó ilé ìwòsàn ìyàwó òun. “Àbẹ̀kẹ́, èmi ni mo san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ. Nígbà tí bàbá rẹ kú, mo ta kẹ̀kẹ́ mi. Ìlà kan péré ni mo ní kí o fọwọ́ sí.”

Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀. “Bàbá mi, n kò gbàgbé. Bí ẹ bá ní kí n gbé yín pọ̀n, n ó gbé yín. Ṣùgbọ́n òfin wà tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹni tó bá kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìlà yìí ni ẹ̀rí pé a ṣe é. Bí mo bá fọwọ́ sí i, bí ẹ bá dé kóòtù lọ́dún mẹ́wàá òní tí ẹ ní kò yé yín, ìlà yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ̀yin ni yóò kù fún láti fi ẹ̀rí hàn pé irọ́ ni. Èmi ni wọn yóò sì pè wá búra. Kí ni kí n wí? Ó ti yé wọn? Ẹ wo ojú Ìyá.”

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní kí ìdí igi kejì lọ tẹ̀ka tiwọn, kí wọ́n fi Mọ́gàjí sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ní ìyẹn kò lè dúró rárá: bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títa ilẹ̀ ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a ṣe láìfi ti àwọn àgbà ìdí igi yòókù ṣe, ìwé lè dúró títí wọn yóò fi pẹjọ́ pé kí kóòtù wó o, bí wọn kò bá sì tètè pe ẹjọ́, ó lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mọ́gàjí ní kí wọ́n tẹ ará Èkó láago lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, mọ́tò kọ̀ǹgílá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Aago mẹ́rin kò tíì lù. Kọ̀ǹgílá wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, lọ́yà rẹ̀ gbé páàdì ìtẹ̀ka dání. Mọ́gàjí kí wọn, ó fún wọn ní omi. Ó wá ní, “A ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé. Kì í ṣe ohun tí a jọ sọ.”

Kọ̀ǹgílá rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni òótọ́. Ìwé lásán nìyẹn, bí àwọn lọ́yà ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn.”

“Bí ó bá jẹ́ lásán,” ni Mọ́gàjí wí, “kò ní nira láti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wa sínú rẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú kọ̀ǹgílá. Ó wo Bàbá Kékeré, Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. Ó ní bí wọn kò bá ṣe tán, àwọn ẹbí mìíràn wà tí wọ́n ń wá òun. Ó bọ́ sínú mọ́tò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ ilé ń bú Àbẹ̀kẹ́ pé ó lé 2,000,000 lọ. Kò lè jẹun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Kọ̀ǹgílá padà dé, nítorí ilẹ̀ etí títì kò pọ̀ nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹbí ti lọ gba lọ́yà tiwọn, ìdí igi kẹta sì ti wálé láti Èkó. Wọ́n dúnàádúrà fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹbí fẹ́ ni wọ́n rí gbà. Kọ̀ǹgílá ní bí wọn yóò bá ka ọdún láti ọjọ́ tí òun gba kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sọ ọ́ di 17. Wọ́n gbà. Ó gbọ́dọ̀ parí ilé láàárín oṣù 18, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ọdún tirẹ̀ ló ń jẹ. Ọdún kejì kò sí mọ́: bí 17 bá pé, ilé padà sọ́wọ́ ẹbí, ẹni tó bá tún fẹ́ kí ó wá bá wọn sọ iye tuntun. Ìwé aṣojú kù sí méjì péré, kí ó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí ó sì háyà ṣọ́ọ̀bù, ó sì parí lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ bá parí. Wọ́n kọ ọ́ gbàǹgbà pé kò gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ náà yá owó. Lọ́yà ẹbí sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà sí i, nítorí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 bèèrè rẹ̀.

Kọ̀ǹgílá kọ̀ láti gba yàrá fún àwọn ìyá méjèèjì. Inú 2,000,000 náírà ni ẹbí ti yọ owó yàrá ọdún méjì fún wọn. Wọ́n yọ 300,000 náà kúrò nínú ìpín Bàbá Kékeré, kò sì jiyàn.

Lọ́jọ́ ìtẹ̀ka, lọ́yà ka ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, Àbẹ̀kẹ́ ń túmọ̀. Lẹ́yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Ìyá Àgbà sọ ọ́ padà fún òun lẹ́nu ara rẹ̀. Ìgbà tí Ìyá sọ kẹsàn-án tán láìṣì í, Àbẹ̀kẹ́ mú bírò, ó fọwọ́ sí ìlà ògbufọ̀. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ tẹ̀ka lẹ́yìn Mọ́gàjí. Ó nu ìka rẹ̀ nù, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, a kú iṣẹ́.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dà kan wọ àpótí Mọ́gàjí, ẹ̀dà kan lọ sí Èkó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ilé yín, ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí ọdún yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò sọ pé ó parí. Kí ẹ sì wo ojú ìwé ìkẹyìn bóyá orúkọ ọmọ yín ti wà níbẹ̀ kí ó tó kà á. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó kọ lẹ́tà sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde láìdárúkọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.